Káàdì Kò Mọ Irọ́ Yàtọ̀ sí Òótọ́

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin àgbà wa tẹ́ ẹ ti gbàwé ẹ̀rí jáde, ìjà la gbé wá lónìí. Àwọn tó ń da síláìdì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjà títà kọ sórí káàdì ìrántí, tí wọ́n wá ń há a bí ẹni ń há orin ìwọ̀síwájú ilé-ìwé, àwọn la fẹ́ bá jà. Kẹ́ni má sì rò pé à ń fi ọwọ́ júwe ilé ẹlòmíràn: àwa náà ṣe é, a mọ ibi tó gbé wa dé, ojú sì tì wá níbẹ̀.

Nígbà ìsinmi gígùn tó kọjá, àwa mẹ́fà ń bá ilé-iṣẹ́ kan ta sóólà n'Ìbàdàn. Kò sówó oṣù níbẹ̀, kọ́míṣọ́nnù nìkan ni: o tà, o jẹ, o ò tà, o kàn fẹsẹ̀ gba eruku ni. Lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́, ọ̀gá tó ń mójú tó wa fi síláìdì 46 ránṣẹ́ sí fóònù wa. Ó ní tó bá di ọjọ́ Ẹtì, òun máa dán wa wò; ẹni tí kò bá lè ka àǹfààní ọjà náà lórí, kó sì fèsì sí gbogbo àtakò oníbàárà láìwo ibì kankan, kó má wulẹ̀ jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá, kíráàmù kì í ṣe àjèjì. A pín síláìdì náà láàrin ara wa, a dà á kọ sínú Anki lóru ọjọ́ kan, ó di káàdì 138. Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, kò sẹ́ni tó kùnà nínú wa. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀kan nínú wa bá ìyá kan pàdé tó ń ta ẹja inú fírísà. Fírísà ńlá méjì ló ní. Ìyá náà bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ọmọ mi, ṣé ó máa gbé fírísà mi mọ́jú?" Akẹgbẹ́ wa ò ronú rárá, káàdì ti ronú fún un. Ó ní, "Iná wákàtí 24 ni, mà, ẹ lọ fọkàn balẹ̀." Ìyá sanwó. Oṣù keje ni, ojú ọ̀run ṣú, iná ìjọba ò sì wá fún ọjọ́ mélòó kan. Tó bá ti di bí aago mẹ́ta òru, ẹ̀rọ á dákẹ́, kò sì ní jí títí oòrùn á fi ta dáadáa. Ẹja á rọ̀, á tún dì, á tún rọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ìyá ko páálí ẹja kan dà nù, ó sì pe nọ́ńbà akẹgbẹ́ wa. Kò bú u. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ mọ̀ àbí ẹ ò mọ̀?"

Ìbéèrè yẹn la fi ń kọ̀wé yìí. Èsì rẹ̀ ni pé a ò mọ̀. A kàn há a ni.

A kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá pé síláìdì rẹ̀ parọ́. Ó ní ká ṣí síláìdì kọkàndínlógójì. A ṣí i. Níbẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú lẹ́tà tó kéré bí ẹsẹ̀ eèrà, wọ́n kọ ọ́ pé wákàtí tí iná máa lò dá lórí ohun tí oníbàárà bá so mọ́ ọn. A padà wo káàdì 138 wa, kò sí ọ̀kan tó sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ, a ti sọ ọ́ di káàdì. Ohun tí wọ́n fi lẹ́tà kékeré kọ, a fò ó.

Ibí yìí ni àárín ọ̀rọ̀ wa wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Kì í ṣe ìwé ẹ̀kọ́ ni síláìdì ọjà títà. Ẹni tó ṣe é fẹ́ kí ọkàn àwọn tó máa tajà gbóná. Ó máa kó àǹfààní síwájú, á sì kó ibi tí ọjà náà dá ẹsẹ̀ dúró sẹ́yìn. Ó dáa bẹ́ẹ̀ fún àpérò ìdajì wákàtí. Ṣùgbọ́n káàdì ìrántí ní agbára kan tí síláìdì ò ní: ó ń mú kí ọ̀rọ̀ wọ eegun. Láti ọdún 1885 tí Ebbinghaus ti kọ ìwé rẹ̀ lórí bí ènìyàn ṣe ń gbàgbé nǹkan ni a ti mọ̀ pé àtúnṣe tí a fi àkókò sáàárín ń mú nǹkan pẹ́ lórí. Lọ́dún 2006, Roediger àti Karpicke fi hàn pé ẹni tó bá ń dán ara rẹ̀ wò máa ń rántí ohun tó kà pẹ́ ju ẹni tó kàn ń tún un kà lọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n káàdì kò mọ irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́. Bó ṣe ń gbin òótọ́ náà ló ṣe ń gbin àsọdùn. Ẹni tó bá ka "wákàtí 24" nígbà ogún láàrin ọ̀sẹ̀ méjì kò tún lè ṣiyèméjì nípa rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ á mọ́ gbáú bó bá ń sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ìyá ẹlẹ́ja fi gbà á gbọ́.

Káàdì ìbejì

Kí ló wá yẹ ká ti ṣe? Ẹ jẹ́ ká mú káàdì kan ṣoṣo, ká tú u palẹ̀.

Síláìdì kẹrin sọ pé: ìnfátà 3kVA, bátìrì lítíọ́ọ̀mù 2.4kWh, pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, iná wákàtí 24, kò sí ariwo, kò sí èéfín. A da gbogbo rẹ̀ sórí káàdì kan, iwájú rẹ̀ sì kà pé, "Sọ àǹfààní mẹ́fà ọjà wa." Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Lọ́dún 1999, Piotr Woźniak kọ òfin ogún lórí bí a ṣe ń to ìmọ̀ fún ìrántí, ó sì tẹnu mọ́ ọn níbẹ̀ pé kí káàdì kọ̀ọ̀kan gbé ohun kan ṣoṣo tó kéré jù lọ. Bí èèyàn bá kó nǹkan mẹ́fà sórí káàdì kan, á rántí mẹ́rin, á tẹ `Good`, méjì yòókù á sì kú síbẹ̀ láìsẹ́ni tó mọ̀. Orin ló máa dà, á máa kà á lọ bí àdúrà òwúrọ̀. Bí oníbàárà bá já a lẹ́nu láàrin kan, ó di dandan kó bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Àṣìṣe kejì ló burú jù: a ò yé ohun tí nọ́ńbà náà ń wí. 3kVA àti 2.4kWh kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ fojú inú wo kèrègbè. kVA ni ẹnu kèrègbè: ìwọ̀n omi tó lè gba ibẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. kWh ni ikùn rẹ̀: ìwọ̀n omi tó wà nínú. Ẹnu lè fẹ̀ kí ikùn kéré. Ìnfátà 3kVA tí wọ́n kọ 0.8 sí lára gẹ́gẹ́ bí power factor máa gbé wáàtì 2,400 lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ 1, nítorí náà ara ẹ̀rọ ni kí a ti kà á, kì í ṣe orí síláìdì. Ti ìyá ẹlẹ́ja, ẹnu kèrègbè kò bá a jà rárá. Ikùn ló tán.

Ẹ bá wa ṣírò. Bí ẹ̀rọ fírísà bá ń ṣiṣẹ́, tó ń sinmi, tó tún ń ṣiṣẹ́, ká ní fírísà kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 100 ní wákàtí kan tí a bá pín in dọ́gba. Méjì jẹ́ 200. Bátìrì 2,400 ni wọ́n kọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣètò rẹ̀ kó má lò kọjá ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, ìyẹn 1,920. Ìnfátà fúnra rẹ̀ máa jẹ díẹ̀ lójú ọ̀nà. Bá a bá yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá, ó ku bíi 1,728. Ẹ fi 200 pín in, ó jẹ́ wákàtí mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú ogójì. Bí oòrùn bá wọ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ máa dákẹ́ ní aago mẹ́ta òru ku ogún ìṣẹ́jú. Wákàtí tí ìyá náà sọ fún wa gan-an nìyẹn. Tí bátìrì ò bá sì kún lọ́sàn-án nítorí ìkùukùu, á yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣírò yìí ò gba ju ẹ̀yìn rìsíìtì kan lọ. Ẹni tó ní káàdì 138 lórí kò ṣe é.

Nítorí náà, àbá wa ni káàdì ìbejì. Káàdì àǹfààní kankan kò gbọdọ̀ wọlé lóun nìkan. Táyé ni àǹfààní, Kẹ́hìndé ni ààlà rẹ̀. Táyé bi ọ́ pé, "Wáàtì mélòó ni ìnfátà yìí lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà?" Kẹ́hìndé bi ọ́ pé, "Kí ni kò gbọdọ̀ so mọ́ ọn ní alẹ́?" Táyé bi ọ́ pé, "Mélòó ni bátìrì náà gbà?" Kẹ́hìndé bi ọ́ pé, "Bí oníbàárà bá ń lo wáàtì 200 láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, aago mélòó ló máa tán?" Bó o bá wá Kẹ́hìndé nínú síláìdì tó ò rí i, Táyé náà kò tíì ṣe é há sórí nìyẹn. Gbé e sọ́tọ̀, lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ náà sára ilé, kì í ṣe lọ́wọ́ ọ̀gá ọjà. Iye owó ńkọ́? Má fi sórí káàdì rárá. Owó ọjà ń yí padà lójoojúmọ́, káàdì tó o ti há sì máa ń fi owó oṣù tó kọjá sí ọ lẹ́nu. Kọ ibi tí o ti lè rí iye owó tòní, ó tó.

Àtakò kì í ṣe ìbéèrè ìdánwò

Apá kejì síláìdì wa ni àtakò oníbàárà mẹ́rìnlá àti èsì mẹ́rìnlá. Apá yìí ni àwọn ọ̀gá fẹ́ràn jù láti rí lórí káàdì, òun náà la sì kórìíra jù.

Àkọ́kọ́ nínú wọn ni: "Ó ti wọ́n jù." Èsì tí wọ́n kọ ni pé kí a sọ pé kò wọ́n, pé láàrin oṣù mẹ́fà, ọjà náà á ti san owó ara rẹ̀ padà. Àwa há a. Nígbà tá a dé ọjà, a rí i pé gbólóhùn kan náà ní ẹnu mẹ́ta. Ẹni kan sọ pé ó wọ́n nítorí pé kò sówó lọ́wọ́ lónìí. Ẹlòmíràn ní owó, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ tó wà nílẹ̀ ló fi ń wé e. Ẹnì kẹta ti gbọ́ iye tó kéré níbòmíràn, níbi tí wọ́n ti fẹ́ fi bátìrì olómi sí i dípò lítíọ́ọ̀mù. Èsì tó tọ́ fún ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ ìrànù fún ẹnì kejì, ó sì jẹ́ ìwọ̀sí fún ẹnì kẹta tó mọ ohun tó ń sọ. Síláìdì ò sì mọ ẹni tó wà níwájú rẹ.

Ohun tí ó yẹ kó wà lẹ́yìn káàdì àtakò ni ìbéèrè. Ẹ̀yìn káàdì "Ó ti wọ́n jù" tuntun tiwa kà pé: "Kí lẹ fi ń wé, mà?" Lẹ́yìn náà, káàdì mẹ́ta mìíràn tẹ̀ lé e, ọ̀kan fún ẹnu kọ̀ọ̀kan. Ti ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ wé e kò ní ìlérí kankan nínú. Ó ní ìṣírò tí oníbàárà fúnra rẹ̀ máa ṣe: lítà mélòó lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mélòó lọ́sẹ̀, èló ni lítà kan ládùúgbò yín? Bó bá ní lítà mẹ́rin lójúmọ́, tí lítà kan jẹ́ 1,000 náírà, tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ 26 lóṣù, 104,000 náírà nìyẹn. Ẹnu òun ni nọ́ńbà náà ti jáde, kò sì ní bá ọ jiyàn lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé lítà kan péré ló ń lò lójúmọ́, ìṣírò kan náà á sọ fún ẹ̀yin méjèèjì pé bóyá kò tíì yẹ kó rà á. Èyí tí síláìdì ń sá fún gan-an nìyẹn.

Ohun kan tún wà tí a kọ́ nínú ìtìjú. Iwájú káàdì wa ni a kọ pẹ̀lú èdè síláìdì: "Àtakò kẹta: ọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́." Kò sí oníbàárà kankan nílé ayé tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń sọ pé, "Bí òjò bá wá ń rọ̀ ńkọ́?" tàbí "Àbúrò mi rà á, nígbà òjò ńṣe ló ń wò ó bí àwòrán." Bí a bá rí "Àtakò kẹta," èsì á jáde ní wéré. Bí a bá gbọ́ ọ̀rọ̀ àbúrò, ẹnu wa á wọlẹ̀. Èyí ni àmì tí ẹ lè fi mọ̀ pé ojú káàdì lẹ mọ̀, ẹ ò mọ ọ̀rọ̀: ẹ gba gbogbo rẹ̀ lórí fóònù, ẹ sì ń kólòlò níwájú ènìyàn. Oògùn rẹ̀ rọrùn. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́jà, ẹ kọ ohun tí oníbàárà sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ fi í ṣe iwájú káàdì, kí àtakò kan sì ní ìrísí mẹ́ta ó kéré tán. Kí ẹ fi ẹnu dáhùn sókè kí ẹ tó yí káàdì padà. Bó o bá dáhùn sínú, o ti yọ̀ǹda fún ara rẹ láti yí ìdájọ́ padà lẹ́yìn tó o bá ti rí èsì.

Fún àwọn tó ń lo Anki, fáìlì lásán tó: ìlà kan, káàdì kan.

```
#separator:Semicolon
#html:false
Ó ti wọ́n jù, ọmọ mi.;Béèrè: kí lẹ fi ń wé, mà?
Bí òjò bá ń rọ̀ ńkọ́?;Béèrè: kí lẹ fẹ́ kó máa gbé lálẹ́?
```

Kí ẹ tọ́jú fáìlì náà ní UTF-8, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àmì ohùn yín á di ìdọ̀tí, "ọkọ" á sì máa wo "ọkọ́" lójú. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ò lágbára, kó mú ìwé gé, kó ní àpòòwé mẹ́ta. Èyí tó bá gbà bọ́ sí àpòòwé tó tẹ̀ lé e, èyí tó bá gbàgbé padà sí àkọ́kọ́. Ọgbọ́n Sebastian Leitner nìyẹn láti ọdún 1972, kò sì gba dátà.

Ohun tí wọ́n máa sọ sí wa

A mọ̀ pé àwọn kan máa ní a ti sọ ọjà títà di kíláàsì físíìsì. Ọ̀gá wa sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí a bá ń fẹnu ara wa sọ ibi tí ọjà kù sí, ebi máa pa wá. Òwe tó fi ṣe ẹlẹ́rìí ni pé ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Àwa náà mọ òwe yẹn, a sì mọ̀ pé òwe náà ò ní irọ́ ni ń yọ ọ́. Kó tó parí ìsinmi, a tún káàdì wa kọ, ó di 61. Ọ̀kan nínú wa bá télọ̀ kan pàdé tó fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù oní-wáàtì 1,000 ṣiṣẹ́ mọ́jú nígbà ọdún. Ó sọ fún un pé ìnfátà lè gbé e, ṣùgbọ́n bátìrì náà kò ní lò ju bíi wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú lọ. Pé kó máa lọ aṣọ lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn wà, kó fi alẹ́ rán. Télọ̀ náà ò rà á lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ká bá òun béèrè iye tí bátìrì méjì máa jẹ́. Títí di ìgbà tá a wọlé padà, kò tíì rà á. A ò ní purọ́ fún yín pé òótọ́ ń tà ju irọ́ lọ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n télọ̀ yẹn ṣì ń gbé ìpè wa. Ìyá ẹlẹ́ja kò gbé e mọ́.

Àwọn mìíràn á ní kí a pa káàdì tì pátápátá, pé kíráàmù ni. A ò gbà. Ẹni tí oníbàárà bi ní iye ọdún ìdánilójú bátìrì, tó wá ń yẹ fóònù wò, ti pàdánù ọjà náà, ó sì tọ́ sí i. Nọ́ńbà, ààlà, ohun tí ìwé ìdánilójú bo àti ohun tí kò bo, gbogbo ìyẹn gbọ́dọ̀ wà lórí bí orúkọ ẹni. Ohun tí káàdì ò lè kọ́ ènìyàn ni bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ìyẹn sì gba kí ẹnì kan jókòó níwájú rẹ, kó máa bá ọ jiyàn bí ìyá ọlọ́jà.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tún máa gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà ìsinmi tó ń bọ̀, síláìdì á sì tún dé sórí fóònù yín lọ́jọ́ Ajé. Kí ẹ tó fọwọ́ kan káàdì kankan, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ìsàlẹ̀ síláìdì, níbi tí lẹ́tà ti kéré. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti há síláìdì kẹrin láìka síláìdì kọkàndínlógójì, owó oníbàárà ló fi ń ṣe ìdánwò.